Nẹ́ẹ̀tì, àwọ̀n fèrèsé, kọ́ìlì àti ìpara: èwo ló ń gba ẹni tó ti sùn lọ́wọ́ ẹ̀fọn ibà?

Ọ̀pọ̀ ilé ló ní gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí ìjọba pín ṣì wà nínú ọ̀rá lórí wọ́dúróòbù. Àwọ̀n wà lójú fèrèsé, bó tilẹ̀ ti ya níbì kan. Páálí kọ́ìlì wà lábẹ́ àga, ìpara tó ń lé ẹ̀fọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Síbẹ̀ ibà kò yé ṣe àwọn ọmọ. Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé èwo ló ń ṣiṣẹ́ jù, ọ̀pọ̀ á ní kọ́ìlì ni, torí pé bí wọ́n bá ti tan án, ẹ̀fọn kì í kùn létí àwọn mọ́.

Kíkùn yẹn ló ń ṣi wá lọ́nà. Ẹ̀fọn tó ń kùn létí ẹni láti aago 8 alẹ́, tó ń jẹ kókósẹ̀ àwọn tó jókòó síwájú ilé, sábà máa ń jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Kúlẹ́ksì. Inú omi gọ́tà àti sókàwéè ló ń yé sí. Ó ń yọni lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń gbé ibà. Èyí tó ń gbé ibà ni Anọ́fílíìsì, abo rẹ̀ nìkan ló sì ń jẹ èèyàn, torí abo ló nílò ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe ẹyin. Omi tó mọ́ díẹ̀, tí oòrùn ń kàn, ló sábà máa ń yé sí: ipa táyà lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, kòtò tí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù gbẹ́ tí wọn ò dí, oko ìrẹsì. Kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Bó bá bà sára ògiri, orí rẹ̀ á tẹ̀ síhà ògiri, ìdí rẹ̀ á gbé sókè, gbogbo ara á wá dagun. Kúlẹ́ksì ní tirẹ̀ máa ń tẹ́ ara sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá fi tọ́ọ̀ṣì wo ògiri yàrá rẹ̀ ní ìdájí, pàápàá apá ibi tó ṣókùnkùn lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi kọ́, á lè dá àwọn méjèèjì mọ̀ láìsí pé onímọ̀ kan wà níbẹ̀.

Wákàtí tí Anọ́fílíìsì ń jáde ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó lè jẹ èèyàn díẹ̀díẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, àmọ́ láti nǹkan bí aago 10 alẹ́ títí di ìdájí ni iṣẹ́ rẹ̀ ń gbóná, ọ̀gànjọ́ òru sí ìdájí sì ni ó le jù. Ìgbà yẹn ni gbogbo ilé ti sùn fọnfọn, tí ẹnikẹ́ni kì í lè fọwọ́ lé e. Torí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi wọn àwọn nǹkan mẹ́rin yìí: ní aago 2 òru, tí iná ti lọ, tí kò sẹ́ni tó jí, èwo nínú wọn ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí irú rẹ̀ pọ̀ ní Mọ́níyà n'Ìbàdàn, yàrá kan àti pálọ̀. Bàbá, ìyá àti ìkókó oṣù mẹ́jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá. Ọmọ ọdún mẹ́rin àti ọmọ ọdún méje ń sùn lórí fóòmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní pálọ̀. Màmá àgbà náà wà ní pálọ̀, òun àti àkọ́bí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá sílẹ̀. Èèyàn méje ni gbogbo wọn. Láti aago 7 alẹ́ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti wà ní ṣíṣí nítorí oúnjẹ tó wà lórí iná ní kọ́rídọ̀, àwọn ọmọ ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ìyá fi ìpara pa àwọn ọmọ lára ní aago 8. Bàbá tan kọ́ìlì sí igun yàrá ní aago 9. Aago 10, wọ́n tilẹ̀kùn.

Ìpara la ó kọ́kọ́ wò, torí òun ló ń kọ́kọ́ tán. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ló yẹ ká kà lára ike, kì í ṣe àwòrán ẹ̀fọn tí wọ́n fi àmì gbọọrọ fagi lé. Èyí tí ayé ti dán wò jù lọ ni DEET. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002 fi hàn pé ìpara tó ní DEET bíi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lé ẹ̀fọn fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Àwọn tí wọ́n fi òróró koríko sitironẹ́là ṣe, èyí tí òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti ewé tíì, kò lò tó ogún ìṣẹ́jú nínú ìwádìí yẹn kan náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ilé wa yìí: bí ìpara ìyá bá jẹ́ èyí tó dára, tó sì pa á ní aago 8, agbára rẹ̀ á ti lọ tán ní nǹkan bí aago 1 òru, lásìkò tí iṣẹ́ Anọ́fílíìsì le jù. Bó bá jẹ́ olóòórùn dídùn lásán, ó ti tán kí àwọn ọmọ tó jẹun alẹ́ tán.

Ìyẹn nìkan sì kọ́. Ibi tí ìpara bá kàn nìkan ló ń dáàbò bò. Ọmọ tó ń yí kiri lórí fóòmù ń fi aṣọ ìbusùn nu ìpara kúrò lẹ́sẹ̀, ó sì ń láàágùn. A kì í fi DEET pa ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì rárá. Bí ọmọ bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgbàlagbà ni kó fi pa á lára, kó má sì fi kan ọwọ́ ọmọ, torí ọwọ́ ọmọ kì í kúrò lẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò ka ìpara mọ́ ohun tí ìjọba lè máa pín fún gbogbo ìlú láti fi dín ibà kù, àmọ́ ó gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fi ṣọ́ ara rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ìpara wúlò fún ẹni tí kò tíì sùn: àkọ́bí tó ń kàwé títí aago 11, ìyá tó wà nídìí iná ní kọ́rídọ̀, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé, ẹni tó ń lọ sí àìsùn ìsìnkú. Fún ẹni tó ti sùn, kò tọ́jọ́ tó.

Kọ́ìlì ńkọ́? Odindi kan máa ń jó fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Èyí tí bàbá tàn ní aago 9 lè kú ní aago 3 òru tàbí kó gbìyànjú dé aago 5. Ẹni tó bá ń ṣẹ́ ẹ sí méjì kó lè pẹ́ nílé, ọ̀gànjọ́ ló máa kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, ìdílé páírẹ́tírọ́ìdì náà ló sì ti wá, ìyẹn ìdílé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ẹ̀fọn tí à ń fín àti ọ̀pọ̀ nẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń ṣe gan-an ni pé èéfín rẹ̀ ń dà á rú mọ́ ẹ̀fọn lójú, òmíràn kò ní wọlé, òmíràn tó wọlé kò ní lè rí ẹni jẹ dáadáa, díẹ̀ á kú. Ìyẹn ni ariwo fi ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí fèrèsé bá ṣí, tí fáànù sì ń fẹ́, èéfín ti jáde. Bí wọ́n bá sì sé gbogbo ibi pa kó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn tó wà nínú yàrá ló ń fà á sínú, ìkókó oṣù mẹ́jọ yẹn pẹ̀lú.

Èéfín yìí kì í ṣe ohun tí à ń fojú kékeré wò. Ní 2003, àwọn olùwádìí wọn èéfín kọ́ìlì tí wọ́n rà ní Ṣáínà àti Malesíà. Wọ́n rí i pé erùku kíkúná tó wà nínú èéfín odindi kọ́ìlì kan, irú èyí tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà, tó èyí tí sìgá 75 sí 137 máa tú jáde. Oríṣi kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan ló fa ìyàtọ̀ iye yẹn. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹni tó tan kọ́ìlì ti mu sìgá 75, nítorí èéfín ń tú ká, kẹ́míkà inú sìgá sì yàtọ̀. Àmọ́ ó tó láti jẹ́ ká mọ ìdí tí ọmọ tó ní ikọ́ fi ń wú u káàkiri òru nínú yàrá tí kọ́ìlì ti ń jó. Bẹ́ẹ̀ la kò rí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé kọ́ìlì lásán ń dín ibà kù nínú ilé. Kí ẹ̀fọn dín létí wa yàtọ̀ sí kí ibà dín lára ọmọ. Ti iná ẹ ò tíì gbọ́: fóòmù tó wà nílẹ̀ pálọ̀ àti aṣọ ìkélé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Bí ẹ bá fẹ́ tàn án dandan, ẹ tàn án síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, kó kú kí ẹ tó wọlé sùn.

(Ọ̀tàpiápíá ńkọ́? Oògùn kòkòrò oko ni. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré irú rẹ̀ ní gbangba ọjà, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn. Kò ní ibi tó bá a mu lórí ibùsùn tàbí lára nẹ́ẹ̀tì.)

Nǹkan kan wà tó jọ kọ́ìlì, tí kì í sì jó rárá: bébà tàbí ọ̀rá pẹlẹbẹ tí wọ́n ti fi kẹ́míkà rin, tí wọ́n á fi kọ́ sí yàrá, tí kẹ́míkà náà á sì máa tú jáde díẹ̀díẹ̀ láìsí èéfín fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2025 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí irú rẹ̀ láti fi kún nẹ́ẹ̀tì. Láti fi kún un ni wọ́n sọ, kì í ṣe láti fi rọ́pò rẹ̀.

Ó wá kan àwọ̀n fèrèsé. Èyí ní ẹwà kan tí àwọn yòókù kò ní: kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti wà níbẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹni tó jí àti ẹni tó sùn, àlejò àti onílé, kò sí ẹni tó nílò láti rántí rẹ̀ lálaalẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Gáńbíà, àwọn olùwádìí kan fi àwọ̀n sí ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọ́n sì dí àlàfo abẹ́ òrùlé nínú àwọn ilé kan, wọ́n fi àwọ̀n ṣe àjà fún àwọn ilé mìíràn, wọ́n sì fi àwọn kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, ẹ̀fọn tó ń wọ ilé tí wọ́n dí tán fi ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún dín, ti ilé tó ní àjà alàwọ̀n fi ìdá 47 dín, àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọdé inú àwọn ilé méjèèjì sì dín kù gan-an. Àmọ́ nínú ìwádìí mìíràn ní Gáńbíà kan náà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, níbi tí gbogbo ilé ti ní nẹ́ẹ̀tì olóògùn, tí ibà kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, títún ilé ṣe kò fi ohun tó hàn gbangba kún ààbò tí nẹ́ẹ̀tì ti ṣe.

Ẹ wo abẹ́ òrùlé tí mo dárúkọ yẹn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń náwó sórí fèrèsé, a kì í wo òkè. Anọ́fílíìsì tó bá fò dé ara ògiri ilé sábà máa ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, títí á fi kan àlàfo tó wà láàárín orí ògiri àti páànù, ibẹ̀ ló ti ń wọlé. Bí àjà bá wà tí kò lójú, ó bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé wa ní Mọ́níyà ní àjà tó ti jìn ní igun kan níbi tí òjò ti ń jò, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì fi àlàfo tó ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀. Àwọ̀n tuntun lójú fèrèsé kò ní ohun tó lè ṣe sí ìyẹn. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ni pé kí ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ọ̀sán gangan, kí ẹ pa iná, kí ẹ dúró sí àárín yàrá títí ojú á fi mọ́ òkùnkùn. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ wọlé, yálà lójú àjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, tàbí lábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀fọn mọ ọ̀nà ibẹ̀. Símẹ́ǹtì, pákó tín-ín-rín àti àgékù àwọ̀n tó lè dí wọn kì í wọ́n.

Àìlera àwọ̀n tó kù ni ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí láti aago 7 sí aago 10 ti jẹ́ kí ẹ̀fọn wọlé tán. Nígbà tí wọ́n bá wá tilẹ̀kùn, wọ́n ti sé ẹ̀fọn mọ́lé pẹ̀lú àwọn ọmọ ni. Àwọ̀n kò sì ní oògùn, kò pa ọ̀kankan nínú wọn. Nítorí ìdí yìí ni mo ṣe gbà pé àwọ̀n dára, pàápàá fún ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ tó lè dí abẹ́ òrùlé láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kọ́kọ́ sáré bá.

Ó ku nẹ́ẹ̀tì. Òun nìkan ni kò ní aago tí iṣẹ́ rẹ̀ ń parí. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti wọnú rẹ̀ títí á fi jáde, ó wà níbẹ̀, iná wà o, iná kò sí o. Bí wọ́n bá ka gbogbo àwọn ìwádìí tó ti wáyé nílẹ̀ Áfíríkà pọ̀, nẹ́ẹ̀tì olóògùn ń dín iye ìgbà tí ibà ń ṣe èèyàn kù dé nǹkan bí ìdajì, ó sì ń dín ikú ọmọdé kù ní nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí èyí tó ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta yòókù.

Ìdí rẹ̀ ni pé kì í ṣe aṣọ ìdènà lásán. Pańpẹ́ ni, ẹni tó sùn sínú rẹ̀ sì ni ìdẹ. Èémí wa àti òórùn ara wa ló ń pe ẹ̀fọn, wọ́n sì ń gbéra lọ sókè pẹ̀lú ooru ara. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi kámẹ́rà tó ń ríran nínú òkùnkùn wo ohun tí Anọ́fílíìsì ń ṣe lẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì, orí rẹ̀ lókè, níbi tó wà lókè àyà ẹni tó sùn, ni wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ jù. Á fò wá, á fẹsẹ̀ kàn án, á padà, á tún wá. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan òwú náà ló ń kó oògùn díẹ̀ sára. Nítorí náà, nẹ́ẹ̀tì ń ṣọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ó sì tún ń dín ẹ̀fọn tó máa lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò kù.

Nẹ́ẹ̀tì tó dúró bí àgọ́, tó ń ká bí agboòrùn, tí wọ́n ń tà lọ́jà àti lórí ẹ̀rọ ayélujára, sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò ní oògùn kankan. Ó sàn ju àìsí lọ. Ṣùgbọ́n bí apá ọmọ bá kàn án lóru, ẹ̀fọn á dúró síta, á fi ẹnu gba ojú ihò rẹ̀ jẹ ọmọ náà. Kò sí ohun tó máa ṣe ẹ̀fọn yẹn.

Àwọn tó sì ní oògùn kò dọ́gba mọ́. Láti ọdún pípẹ́ ni páírẹ́tírọ́ìdì nìkan ti wà lára nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn ilẹ̀ wa sì ti ń bí àwọn ọmọ tí oògùn náà kò ràn mọ́. Ìgbésẹ̀ kìíní tí wọ́n gbé ni pé wọ́n fi PBO kún un, èyí tó ń dí ẹ̀fọn lọ́wọ́ láti sọ oògùn náà di asán nínú ara rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kejì ni oògùn tuntun tí wọ́n ń pè ní kilofẹnápà, tí wọ́n pò mọ́ páírẹ́tírọ́ìdì. Gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nítòsí wa níbí, wà lára ibi tí wọ́n ti dán an wò. Èsì tó jáde ní 2023 sọ pé lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì páírẹ́tírọ́ìdì lásán, ọmọ kan ń ní ibà tó nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ìyẹn 1.03. Lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì onítuntun yìí, 0.56 ni. Àwọn ọmọ méjèèjì ló sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì o, oògùn ara rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ọdún yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i.

Àṣìlóye kan ti bá nẹ́ẹ̀tì tuntun yìí wá. Páírẹ́tírọ́ìdì máa ń gbé ẹ̀fọn ṣubú kíákíá, torí náà ni àwọn èèyàn fi máa ń wá òkú ẹ̀fọn nílẹ̀ láàárọ̀. Kilofẹnápà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ara ẹ̀fọn ti ń rí agbára ló ń bà jẹ́, ó sì lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ̀fọn tó kú. Ẹni tó bá rí ẹ̀fọn tó bà sára nẹ́ẹ̀tì, tó tún fò lọ, á rò pé ìjọba pín ayédèrú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn mu lára èèyàn ń lò tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ kó tó dàgbà débi tó fi lè ran ẹlòmíràn. Ẹ̀fọn tó kú lọ́jọ́ kẹta kò tíì ní ohun tó máa fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ oògùn tó wà lára nẹ́ẹ̀tì ti yín wà lórí aṣọ pélébé tí wọ́n rán mọ́ etí rẹ̀, kí ẹ kà á kí ẹ tó fi kọ́.

Ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn fi ń kan nẹ́ẹ̀tì jù ni ooru, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ó ń dín afẹ́fẹ́ kù. Nínú yàrá onípáànù tí kò ní àjà, ní oṣù Ẹrẹ́nà, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ló ń mú kí bàbá ká nẹ́ẹ̀tì sókè ní ọ̀gànjọ́. Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni kí nẹ́ẹ̀tì fẹ̀, kí ẹ so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sókè dáadáa kó má rọ̀ sórí ẹni tó sùn, kí ẹ sì dojú fáànù kọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí iná bá wà. Ara tó ń yún ni tàbí tó ń ta ni lálẹ́ ọjọ́ kìíní, oògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀rá ló ń fà á. Bí ẹ bá sá a síbi òjìji fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó sùn sábẹ́ rẹ̀, á dín kù.

Fífọ̀ pẹ̀lú ń bà á jẹ́. Wọ́n ṣe nẹ́ẹ̀tì kó lè fara da ìfọ̀ bí ogún láàárín ọdún mẹ́ta. Ìyá tó bá ń fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú aṣọ yòókù á lo ìfọ̀ ogún yẹn tán láàárín oṣù márùn-ún, nẹ́ẹ̀tì á funfun, oògùn á ti lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta tó, pẹ̀lú omi tútù àti ọṣẹ tí kò le, láìsí bílíìṣì, kí ẹ sì sá a síbi òjìji. Oòrùn ń pa oògùn ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Mọ́níyà. Nẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló tó ilé yẹn. Ọ̀kan bo bẹ́ẹ̀dì, bàbá, ìyá àti ìkókó wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà fún ọmọ méjì tó wà lórí fóòmù. Èyí tó kù jẹ́ ti Màmá àgbà àti àkọ́bí. Wàhálà àwọn ti pálọ̀ ni pé kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ so ó mọ́ lójú ọ̀sán, nítorí pálọ̀ ni àlejò ń wọ̀. Ìṣó mẹ́rin lára ògiri, okùn gígùn tó ní kókó lẹ́nu, tán: wọ́n á so ó lálẹ́, wọ́n á ká a láàárọ̀. Lórí fóòmù tó wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ fóòmù yíká ni, kì í ṣe kó kàn bo ilẹ̀. Kí wọ́n sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó sùn, torí ẹ̀fọn tí wọ́n bá tì mọ́ inú nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọmọ ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Màmá àgbà ní ìṣòro tirẹ̀. Aago 4 ààbọ̀ ló ń jí fún àdúrà. Ní Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn tí nẹ́ẹ̀tì ti kárí, àwọn olùwádìí rí i ní abúlé kan pé àárín gbùngbùn àkókò tí irú Anọ́fílíìsì kan fi ń jẹ èèyàn ti kúrò ní aago 2 òru, ó ti di nǹkan bí aago 5 ìdájí. Nítorí náà, kí Màmá fi ìpara pa ẹsẹ̀ àti apá kó tó jáde kúrò nínú nẹ́ẹ̀tì, kó sì wọ aṣọ gígùn. Níbí ni owó ìpara ti wúlò jù nínú ilé náà, pẹ̀lú àkọ́bí tó ń kàwé lálẹ́. Owó kọ́ìlì oṣù kan, kí wọ́n fi dí ojú àjà tó jìn àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Bí ibà bá tún mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lẹ́yìn gbogbo èyí, kò túmọ̀ sí pé nẹ́ẹ̀tì kò ṣiṣẹ́. Ó dín in kù sí ìdajì, kò fà á tu. Kí wọ́n gbé ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Tí nẹ́ẹ̀tì bá sì ya, abẹ́rẹ́ àti òwú tó láti rán an. Ihò kan tó gba àtàǹpàkò gba ẹ̀fọn. Èyí tó ti lé ní ọdún mẹ́ta, ẹ má fi ṣe ọgbà ẹ̀fọ́ tàbí ilé adìyẹ títí tuntun á fi dé. Oògùn rẹ̀ lè ti dín, aṣọ rẹ̀ ṣì wà láàárín ọmọ àti ẹ̀fọn.